Ta Ló Ki Ọwọ́ Bọ Ẹ̀rọ?

Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ kà lónìí, kò sì tó 80 ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ewì, kì í ṣe ìtàn àròsọ, ẹni tó kọ ọ́ kò sì rò ó rí pé ẹnì kan yóò jókòó ti ọ̀rọ̀ òun bí a ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Nótíìsì ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ ìwọlé, ní ilé iṣẹ́ ike kan láàrin Ògbà sí Agége. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti gba Wẹ́ńpìkó tàbí Oba Akran kọjá láàárọ̀ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó jọ ọ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ó ṣe rí nìyí tí a bá gbé e wá sí èdè wa:

"Sí gbogbo òṣìṣẹ́. Ìjàm̀bá kan ṣẹlẹ̀ ní ṣífù alẹ́ àná níbi ẹ̀rọ kẹrin nítorí àìkíyèsára òṣìṣẹ́ kan tí ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ní títàpá sí òfin ààbò. A ti gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí ilé ìwòsàn. A rán gbogbo òṣìṣẹ́ létí pé ààbò jẹ́ ojúṣe olúkúlùkù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tún tàpá sí òfin yóò fojú winá ìyà. Iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú bó ti yẹ."

Aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ìwé yìí dé ojú bọ́ọ̀dù. Wákàtí márùn-ún péré ló wà láàrin méjèèjì, nínú wákàtí márùn-ún yẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó tíì bi í léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ "nítorí" ti wà nínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Nítorí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó bá sọ pé "nítorí báyìí ni báyìí fi ṣẹlẹ̀" ti parí ìwádìí nìyẹn. Ẹ yọ gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kúrò, ẹ ó rí i pé ohun tí akọ̀wé náà mọ̀ dájú ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò pọ̀: ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, níbi ẹ̀rọ kẹrin, ní òru, ọwọ́ ẹnì kan wà láàrin mọ́ọ̀dù nígbà tí mọ́ọ̀dù pa dé, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó tán. Gbogbo ìyókù, àìkíyèsára, títàpá sí òfin, àròsọ ni. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ìwé yìí kì í ṣe àròsọ. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ nípa ìyẹn.

Ẹ wo "ki ọwọ́ bọ" náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní èrò nínú ni. Ẹni tó ki ọwọ́ bọ nǹkan ló rò ó kó tó ṣe é. Bí ọmọdé ṣe ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀ ni. Tí ẹ bá fi wé "ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí mọ́ọ̀dù pa dé," ohun kan náà ni ojú rí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti dájọ́, èkejì kò tíì dá a. Yorùbá kì í sì í fi ibi ìsápamọ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún wa nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Òyìnbó lè sọ gbólóhùn tí kò ní olùṣe rárá, kí ọwọ́ kàn fara pa fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣe é. Tiwa ń béèrè pé ta ló ṣe é. A ó yàá sọ pé "wọ́n" ṣe é, tàbí kí á sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. "Ẹ̀rọ pa á lọ́wọ́." Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ nótíìsì irú èyí ní Yorùbá gbọ́dọ̀ yan ẹni tàbí ohun tí yóò fi ṣe olùṣe, yíyàn yẹn ló sì máa kọ́kọ́ fi ẹ̀bi lé ẹnì kan lórí, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onígírámà lásán, torí kì í ṣe ìwé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ náà kà. Èdè Òyìnbó tó wà nínú ìwé náà kò dé etí ibi tó yẹ kó dé. Súpafáísọ̀ ṣífù àárọ̀ ló dúró níwájú wọn tó sì fẹnu túmọ̀ rẹ̀, mo wà níbẹ̀, ohun tó sọ ni pé: "Ẹ gbọ́ o, brọ̀dá yẹn lọ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ lóru. Ọ̀gá ní ẹni tó bá tún dán an wò, ilé ló ń lọ." Gbólóhùn méjì. Ìyẹn ni nótíìsì náà gan-an, ìyẹn ló lọ káàkiri, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn kan ti ń sọ pé ó ti mu ọtí, àwọn kan ní oorun ló kùn ún, ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ kẹrin ń béèrè ajá láti ọjọ́ pípẹ́, pé wọn kò bọ Ògún ọdún náà dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ti Ògún yẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àlàyé tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ló tiẹ̀ wo ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀. Sọ́fítíwíà ni mo ń kọ. Ilé iṣẹ́ náà ní kí n ṣe ètò kan tí yóò máa ka iye bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, tí yóò sì máa fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kan tí a gbé kọ́ ògiri, kí máníjà lè máa wò ó. A so àpótí kékeré kan mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ń gba àmì: mọ́ọ̀dù ṣí, mọ́ọ̀dù pa dé, ilẹ̀kùn ààbò ṣí, ilẹ̀kùn ààbò pa dé. Lẹ́yìn tí súpafáísọ̀ ti sọ̀rọ̀ tán, mo lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, mo sì ṣí àkọsílẹ̀ òru náà. Ohun tí mo rí nìyí:

```
03:09:12 M4 AUTO GATE=CLOSED CYCLE_OK 31.2s
03:09:43 M4 AUTO GATE=CLOSED CYCLE_OK 31.0s
03:10:14 M4 AUTO GATE=CLOSED CLAMP_STOP
```

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń yọ́ ike, á fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù onírin méjì tó fara mọ́ra, á dúró kí ike tutù, mọ́ọ̀dù á ṣí, bọ́kẹ́ẹ̀tì á jáde. Agbára tó ń mú irin méjèèjì pọ̀ tó ohun tí ó lè fọ́ egungun láìmọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn ààbò fi wà níwájú rẹ̀. Swíìṣì kan wà lára ilẹ̀kùn yẹn. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, swíìṣì á sọ fún ẹ̀rọ pé kó má pa mọ́ọ̀dù dé. Ọ̀pá irin kan tún máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó máa ń já bọ́ sílẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí mọ́ọ̀dù má lè rìn bí swíìṣì tiẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ bó ṣe yẹ lórí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ á ṣí ilẹ̀kùn, á mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ẹ wá padà wo ìlà kẹta. `GATE=CLOSED`. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ọwọ́ ènìyàn wà láàrin mọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ sọ pé ilẹ̀kùn ti wà ní pípadé. Ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn fi lè rí bẹ́ẹ̀: swíìṣì ń parọ́. Mo yí àkọsílẹ̀ padà sẹ́yìn, òru kan, ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kẹrin kò ṣí rí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ara rẹ̀ jáde, kò ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń ṣí ó ń padé bí ilẹ̀kùn tó gbádùn. Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó dákẹ́. Àkókò tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ń gbà sì wálẹ̀ láti nǹkan bí 38 ìṣẹ́jú àáyá sí 31.

Rìwáyà ilé iṣẹ́ náà ló wá sọ ìyókù fún mi, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti wò yíká dáadáa. Swíìṣì náà jó. Kò sí òmíràn ní sítọ́ọ̀. Ó kọ ìwé béèrè fún un. Kí ó tó dé, wọ́n ní kó fi wáyà so méjèèjì pọ̀ kí iṣẹ́ má dúró, ó sì so ó. Ọ̀pá irin tó yẹ kó máa já bọ́ ti kúrò lórí ẹ̀rọ náà kí òun tó débẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ wá ń sáré fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, òṣìṣẹ́ sì ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fa bọ́kẹ́ẹ̀tì yọ kí irin tó padà wá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá jáde wẹ́rẹ́ kò ní wàhálà. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ irin, ó ní láti fà á. Ní òru yẹn, ọ̀kan lẹ̀. Ìka méjì ló lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun tí n kò fẹ́ sọ. Tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri yẹn, èmi ni mo ṣe é. Mo fi àwọ̀ sí i: ẹ̀rọ tó bá yára á di àwọ̀ ewé, èyí tó bá lọ́ra á pọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ kẹrin ti ń tàn bí ewé òjò. Máníjà tiẹ̀ tọ́ka sí i fún mi nígbà kan, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ètò yín ti ń jẹ́ kí wọ́n jí." Inú mi dùn. Àmì ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo àkókò yẹn, n kò fi hàn ẹnikẹ́ni torí wọn kò ní kí n fi hàn. Tí ẹ bá wá ka nótíìsì yẹn padà, ẹ ó rí ohun tó ṣe fún èmi náà: ó ti ojú ọ̀nà tó lè dé ọ̀dọ̀ mi pa. Ó ti ti ọ̀nà tó lọ sí sítọ́ọ̀ pa, àti èyí tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kí wọ́n so wáyà. Àìkíyèsára ẹnì kan ti tó gbogbo wa.

Nígbà tí mo ń wá ibi tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé ìfọpo BP ní Texas City, ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2005 ni ó bú gbàmù, ènìyàn 15 kú, nǹkan bí 180 sì fara pa. Kò tó oṣù méjì tí ilé iṣẹ́ náà gbé ìròyìn àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde, tí ọ̀gá wọn kan sì sọ fáyé pé ká ní àwọn alábòójútó ti dúró ti iṣẹ́ wọn tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ti tẹ̀ lé ìlànà, kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá gbé tiwọn jáde ní ọdún 2007. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tó ń fi bí epo ṣe ga tó nínú ilé ìṣọ́ irin náà hàn ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé epo ń wálẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó ń kún sókè. Ago ìkìlọ̀ tó yẹ kó dún kò dún. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti ṣe iṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́ fún ọjọ́ 29 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsinmi. Gbogbo ohun tí ọ̀gá yẹn sọ nípa ìlànà lè jẹ́ òótọ́, kó má sì sọ ohun tó fà á fún wa. Òótọ́ tí wọ́n sọ kí àsìkò rẹ̀ tó tó lè ṣe iṣẹ́ irọ́.

Nílé níbí ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Odògùnyán, ní Ìkòròdú, ní òru. Ó lé ní ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tó kú sínú rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ ro bí ẹnì kan ṣe lè kọ gbólóhùn nípa òru yẹn pé "àwọn òṣìṣẹ́ kan kò lè jáde ní àsìkò." Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ni kò sí nínú rẹ̀.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ti ẹ̀rọ kẹrin nígbà náà? Ó rọrùn láti bú ìwé ẹlòmíràn, nítorí náà mo jókòó láti kọ tèmi. Ìdíwọ́ tí mo fún ara mi ni pé n kò gbọ́dọ̀ lo ohunkóhun tí akọ̀wé àkọ́kọ́ kò mọ̀ ní aago mẹ́jọ. N kò gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba swíìṣì. Torí ìyẹn náà yóò jẹ́ ẹ̀bi tó yá jù, yóò kàn kúrò lórí ọpirétọ̀ lọ sórí rìwáyà ni. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Sí gbogbo òṣìṣẹ́, gbogbo ṣífù. Ní aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, mọ́ọ̀dù ẹ̀rọ kẹrin pa dé nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan nínú wa wà láàrin rẹ̀. Ó fara pa ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó wà ní ilé ìwòsàn, ara ilé rẹ̀ sì ti gbọ́. A kò tíì mọ ohun tó jẹ́ kí mọ́ọ̀dù pa dé. Ẹ̀rọ kẹrin ti dúró. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá ibẹ̀ títí a ó fi ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. A ó yẹ ilẹ̀kùn ààbò gbogbo ẹ̀rọ tó jọ ọ́ wò lónìí kí wọ́n tó tún ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ náà, ìbáà jẹ́ ti òru yìí tàbí ti tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún aṣojú òṣìṣẹ́ tàbí fún ọ̀gá ààbò. Ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù iṣẹ́ tàbí owó ọjọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó bá sọ. A ó tún kọ ìwé sí yín ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọ̀la, bí a kò tilẹ̀ tíì mọ ju báyìí lọ."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe. "A kò tíì mọ̀" ló nira jù fún ọ̀gá láti fọwọ́ sí, torí nílẹ̀ wa, ọ̀gá tí kò mọ̀ dà bí ọ̀gá tí kò tó ọ̀gá. Òun gan-an sì ni kò jẹ́ kí àhesọ ráyè: ẹni tó bá ti sọ pé òun kò mọ̀ ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọtí àti oorun di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ náà. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án" kò sí nínú ti àkọ́kọ́ rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni "iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú bó ti yẹ," ó sì tẹ̀síwájú lóòótọ́: kó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, wọ́n ti tú wáyà náà, swíìṣì tuntun sì ti dé láti ibi tí kò ti dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá dé ní ọ̀sán yóò bá ẹ̀rọ tí kò ní àléébù kankan, àti òṣìṣẹ́ aláìkíyèsára kan.

Mo wá rí i pé "ọwọ́ ẹnì kan nínú wa" ni mo kọ, tí mo kọ́kọ́ kọ "òṣìṣẹ́ kan." N kò mọ̀ bóyá èyí tọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kà á ní ó ti dà bí ìwàásù. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́. Kì í ṣe pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo wọn ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ara bọ́ọ̀dù máa ń di fọ́tò, fọ́tò á sì wọ fóònù, ìyàwó kan ní Ìjú lè tibẹ̀ gbọ́ ohun tó yẹ kí ẹnì kan wá jókòó sọ fún un.

Òfin náà ní àkókò tirẹ̀, àkókò yẹn kò sì béèrè ẹ̀bi. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti Nàìjíríà sọ pé ìjàm̀bá tó bá pa ènìyàn, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ tó ń gba owó rẹ̀ lé fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó aṣàyẹ̀wò ìjọba létí. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbaniṣíṣẹ́, ó sì fún agbaniṣíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Pàtàkì rẹ̀ sì nìyí: ẹ̀san yẹn kò dúró lórí pé kí òṣìṣẹ́ fi hàn pé ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀. Ẹni tó bá ka nótíìsì tó sọ pé ẹ̀bi òun ni, á gbà pé kò sí ohun tó kan òun mọ́, á gba owó oògùn tí wọ́n fún un, á dúpẹ́, á sì lọ sí ìlú rẹ̀. Gbólóhùn kan lára bọ́ọ̀dù lè na ènìyàn ní owó tó ti jẹ́ tirẹ̀.

Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà rò pé a ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2012, John Allspaw, tó wà ní ilé iṣẹ́ Etsy nígbà náà, kọ àròkọ kan tí gbogbo wa kà, lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí tí nǹkan bá bàjẹ́ láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: ẹni tó tẹ bọ́tìnì tó ba nǹkan jẹ́ á sọ ohun tó rí, ohun tó rò, ìdí tí ohun tó ṣe fi dà bí ohun tó tọ́ lójú rẹ̀ nígbà yẹn, kò sì ní jìyà rẹ̀. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ba nǹkan oníbàárà jẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, mo sọ ọ́, a jọ rẹ́rìn-ín, mo sì gba owó oṣù mi pé. Mo kọ́kọ́ rò pé kí á kàn gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí Agége ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní ṣífù alẹ́ yẹn, káṣúà ni wọ́n, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Kò sí ẹni tó máa lé káṣúà. Wọn kàn kò ní pè é wọlé ní géètì lọ́jọ́ kejì ni. Ìlérí pé "ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù iṣẹ́" kò wúwo lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé iṣẹ́ kankan tí wọ́n lè gbà padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "owó ọjọ́" sínú tèmi, tí mo sì kọ "aṣojú òṣìṣẹ́" ṣáájú "ọ̀gá ààbò." Rìwáyà yẹn kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá ààbò. Èmi ló sọ fún, torí èmi kì í ṣe ara ilé.

Mo tún mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: pé "a kò tíì mọ̀, ìwádìí ń lọ lọ́wọ́" ni gbogbo ìjọba àti gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń sin ọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí. Òótọ́ ni. Kí ẹ̀bi má tètè yá kò túmọ̀ sí pé kó má dé láéláé. Ẹnì kan ló sọ pé kí wọ́n so wáyà náà, ẹnì kan ló sì fi ìwé béèrè swíìṣì sínú dúróà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń dúró de òótọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń sá fún un ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, aago mẹ́rin ọ̀sán ọ̀la. Nótíìsì tó ní ọjọ́ àti aago lórí ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìdè. Bí aago mẹ́rin bá lu tí ìwé kò dé, gbogbo ènìyàn á mọ̀. "Láìpẹ́" kò ní aago.

Ti àkọ́kọ́ yẹn kò ní èkejì. Nígbà tí aṣàyẹ̀wò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mo tẹ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jáde fún un, ó ká a sínú fáìlì, ó sì lọ. Máníjà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nótíìsì náà ṣì wà lára bọ́ọ̀dù, oòrùn ti jẹ ẹ́, wọ́n ti lẹ ìkéde ìpàdé àjẹmọ́nú mọ́ orí ìdajì rẹ̀.

Mo ti tún tẹlifíṣọ̀n yẹn ṣe. Àwọ̀ ewé kò dúró lórí ìyára nìkan mọ́. Tí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kan kò bá ṣí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ẹ̀rọ náà ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìlà rẹ̀ á pọ́n, á sì máa ṣẹ́jú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kejì àti ẹ̀rọ keje pọ́n.